A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: páànù ló ń sun wá ní Thomas Estate, kì í ṣe àjà kúkúrú

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí aago mẹ́ta ọ̀sán sì lù, ẹ̀dùn ọkàn kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Thomas Estate ní Ajah: yàrá òkè kò ṣeé wọ̀. Ìsàlẹ̀ ilé kan náà ṣì rọrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ dà bí ìdí ààrò. Olówó a fi ẹ̀rọ amúlétutù ńlá rọ́pò kékeré, ẹni tí kò rí owó ná a gbé ẹní sọ̀ kalẹ̀ sí pálọ̀. Bí ẹ bá béèrè ohun tó fa ooru náà, ìdáhùn tí wọn ó fún yín kò ju ẹyọ kan lọ: àjà ilé yìí ló kúrú jù.

Irọ́ ni. Irọ́ tó ń náni lówó sì ni. Ẹni tó gbà á gbọ́ yóò fi búlọ́ọ̀kù kún ògiri nígbà tó bá ń kọ́lé tirẹ̀. Àwọn tó ń kọ́lé tà náà mọ̀ pé a gbà á gbọ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń polówó àjà gíga àti Pí-ó-Pí alárànbarà fún wa, bí ẹni pé àwọn méjèèjì yìí ni oògùn ooru. Gíga àjà kì í ṣe oògùn ooru páànù. Ẹwà àjà kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ohun tó wà, tàbí ohun tí kò sí, ní agbedeméjì páànù àti àjà ni gbogbo ẹjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ooru fi ń wọlé. Èkó kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán ń dúró ṣánṣán sí orí wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, kì í sì í jìnnà púpọ̀ sí òkè orí ní àwọn oṣù yòókù. Nítorí náà, òrùlé ni oòrùn ń nà jù lọ lára ilé, kò sí ògiri tó jẹ ìyà tó o. Páànù tí a kùn ní àwọ̀ dúdú, tàbí èyí tí a fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ dúdú bò, lè gbóná dé ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sán gangan, nígbà tí afẹ́fẹ́ ìta kò ju ìwọ̀n 32 lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń ti abẹ́ páànù sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í sọ̀ kalẹ̀, òkè ló ń lọ, abẹ́ páànù náà ni yóò sì há mọ́. Ohun tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìtànṣán ooru. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú ẹyin iná mọ̀ ọ́n: iwájú rẹ̀ ń jó, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù, bẹ́ẹ̀ kò sí atẹ́gùn kankan tó gbé ooru náà wá. Páànù ń ta ìtànṣán yìí sí ẹ̀yìn àjà láti òkè, àjà ń gbà á, òun náà ń gbóná, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa ta tirẹ̀ sí orí wa. Ìdí nìyí tí ihò atẹ́gùn ní etí òrùlé fi dára, ṣùgbọ́n tí kò tó. Ó lè lé afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ páànù jáde, àmọ́ kò lè lé ìtànṣán, èyí tó jẹ́ apá tó pọ̀ jù nínú ooru náà.

Àwọn baba wa lè má ní orúkọ fún èyí, ṣùgbọ́n ilé wọn fi hàn pé wọ́n ti ṣètò fún un. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà gan-an tí à ń pè ní àjà. Nínú agbo ilé àtijọ́, igi ni wọ́n ń tò lé orí ògiri, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ lórí, kí koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ tó wá bò ó. Lórí àjà yìí ni wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ sí. Koríko nípọn, amọ̀ nípọn, oòrùn a sì wọ̀ kí ooru ọ̀sán tó là á kọjá. Nígbà tí páànù dé ní sẹ́ńtúrì 19, a ju koríko nù nítorí iná àti nítorí òjò, kò sì sí ẹni tó lè bá wa wí lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n a ju àjà amọ̀ náà nù, a fi pákó pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀, lónìí ó ti di Pí-fí-sì tí kò nípọn tó ìka ọwọ́. A mú ohun méjì tó ń dènà ooru kúrò, a kò sì fi nǹkan kan dípò wọn. Orúkọ nìkan ni àjà kù fún.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ gíga àjà. Ooru tó ń gba àjà wọlé kò mọ gíga, fífẹ̀ àjà ló mọ̀. Bí àjà yàrá kan bá fẹ̀ tó mítà mẹ́rin níbùú àti mẹ́rin lóròó, ooru tó máa gbà á wọlé kò yí padà bóyá mítà 2.7 ló wà sílẹ̀ tàbí mítà 3.3. Òótọ́ ni pé bí àjà gbígbóná bá jìnnà sí wa díẹ̀, ìtànṣán rẹ̀ yóò dín díẹ̀ lára wa. Òótọ́ tún ni pé nínú ilé tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí a sì fi fèrèsé sí òkè ògiri, afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn yàrá wa ní Ajah ló ní fèrèsé òkè bẹ́ẹ̀? Gbogbo rẹ̀ ni a ti dí pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Nínú yàrá tí a dí pa, gíga wulẹ̀ ń fi afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ máa tutù kún un ni, ó sì ń fi ògiri tí oòrùn máa nà kún un.

Ẹ ka iye tó ń náni. Ìlà búlọ́ọ̀kù kan, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tó wà láàárín, tó sẹ̀ǹtímítà 25 ní gíga. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìdajì mítà kún gíga àjà òkè yóò tò ìlà méjì kún un. Bí gbogbo ògiri òkè bá gùn tó 60 mítà lápapọ̀, ìyẹn tó 250 búlọ́ọ̀kù, kí a tó ka sìmẹ́ńtì, rírẹ́ ògiri, ọ̀dà àti owó bíríkìlà. Gbogbo èyí, páànù ṣì ń sun àjà bó ṣe ń sun ún tẹ́lẹ̀.

Gíga kan wà tó ṣe pàtàkì, òun náà sì ni àjà aláràn-án Pí-ó-Pí ń jẹ. Ìyẹn ni gíga tí fáànù nílò. Abẹ fáànù gbọ́dọ̀ jìnnà sílẹ̀ tó mítà 2.3 ó kéré tán kó má baà ṣe ẹni tó na ọwọ́ sókè léṣe, ó sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí àjà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 kó lè rí afẹ́fẹ́ fà. Àròpọ̀ méjèèjì jẹ́ mítà 2.6. Bí àjà bá wà ní mítà 2.7, tí oníṣẹ́ Pí-ó-Pí wá so ìpele kejì rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ tó jin tó sẹ̀ǹtímítà 30 nítorí iná aláwọ̀ mèremère, mítà 2.4 ló kù. Fáànù ti jáde nínú ilé nìyẹn. Onílé ti sọ ara rẹ̀ di ẹrú ẹ̀rọ amúlétutù, bí iná mànàmáná bá sì lọ, kò ní nǹkan kan mọ́ tó lè fi gba ara rẹ̀ là.

Ṣé ìpele kejì náà kò wá dènà ooru ni? Díẹ̀ ni. Pí-ó-Pí fúnra rẹ̀ kò nípọn, ooru kì í pẹ́ gbà á kọjá. Òfìfo tó wà láàárín ìpele méjì ì bá ṣèrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n a ti dá ihò sí i káàkiri fún iná, afẹ́fẹ́ gbígbóná abẹ́ òrùlé a sì máa gba àwọn ihò náà wọlé nígbàkígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan pa iyèméjì lẹ́nu mọ́. Ẹ mú yàrá òkè kan, mítà mẹ́rin sí mẹ́rin, èyí tí àjà rẹ̀ jẹ́ mítà 16 onígun mẹ́rin. Páànù wà ní ìwọ̀n 60, a sì fẹ́ kí yàrá wà ní ìwọ̀n 26. Láìsí ohunkóhun lórí àjà ju Pí-ó-Pí lásán lọ, ooru tí yóò máa gba mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan wọlé tó 85 wáàtì, èyí tí í ṣe nǹkan bíi 1,360 wáàtì fún gbogbo àjà náà. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré tí à ń pè ní wan-họ́ọ̀sì lè kó nǹkan bíi 2,600 wáàtì ooru jáde. Ìtumọ̀ èyí ni pé ó lé ní ìdajì agbára ẹ̀rọ náà tí páànù nìkan ń jẹ, kí a tó kan ògiri, fèrèsé àti àwọn ènìyàn inú yàrá. Ìsàlẹ̀ àjà náà pàápàá yóò wà ní ìwọ̀n 40. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi máa ń kọ ìwọ̀n 26 síwájú tí orí wa sì tún ń gbóná lábẹ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ tẹ́ òwú adènà ooru, irú èyí tí a fi gíláàsì tàbí òkúta yíyọ́ ṣe, sórí ẹ̀yìn àjà náà, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré. Ooru tó ń wọlé yóò lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 330 wáàtì, ìyẹn ìdá mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ àjà yóò wá sí ìwọ̀n 29 àti ààbọ̀. Iná mànàmáná tí ẹ̀rọ kò ní jẹ mọ́ lè tó 370 wáàtì. Bí oòrùn bá mú fún wákàtí márùn-ún, yúníìtì iná tó súnmọ́ méjì nìyẹn lóòjọ́, fún yàrá kan ṣoṣo. A kò sì fi búlọ́ọ̀kù kan kún ògiri.

Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun ni a ń sọ. Ní ọdún 1965 ni Otto Koenigsberger àti Robert Lynn ti kọ odindi ìwé kan lórí òrùlé ní ilẹ̀ olóoru tó lọ́rinrin bíi tiwa, Architectural Association ti ìlú London ló sì gbé e jáde. Òdiwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ nílẹ̀ olóoru mú lò ni pé ìsàlẹ̀ àjà kò gbọdọ̀ fi ju ìwọ̀n mẹ́rin lọ gbóná ju afẹ́fẹ́ inú yàrá. Nínú ìṣirò wa, àjà tí kò ní òwú fi ìwọ̀n 14 gbóná ju yàrá lọ. Èyí tó ní òwú kò fi tó ìwọ̀n mẹ́rin gbóná jù ú. Òwú sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré ló wà láàárín ilé tó ń sun ènìyàn àti ilé tó ń tu ènìyàn lára.

Ẹni tí kò bá fẹ́ òwú lè lo fọ́ìlì alumíníọ̀mù, ó lè súnmọ́ òwú náà ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n fọ́ìlì ní èèwọ̀ tirẹ̀, àwọn káfíńtà wa kì í sì í pa á mọ́. Kì í ṣe bí fọ́ìlì ṣe nípọn tó ló ń ṣiṣẹ́, dídán rẹ̀ ni, nítorí pé ojú tó ń dán kì í ta ìtànṣán ooru. Nítorí náà, ojú dídán gbọ́dọ̀ kọ sí òfìfo. Ẹ kàn án mọ́ abẹ́ pákó òrùlé, kí dídán rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí àjà kó máa wo òkè, eruku yóò bò ó láàárín ọdún díẹ̀, eruku kì í sì í dán. Bí a bá fi há àárín ohun méjì tó fara kan án lókè àti nísàlẹ̀, òfo ni.

Òwú náà ní ọ̀tá tirẹ̀, omi sì ni olórí wọn. Òwú tó bá mumi kò dènà ooru mọ́, yóò sì mú kí Pí-ó-Pí ní àmì pupa rúsúrúsú. Ẹ dí ibi tó ń jò kí ẹ tó tẹ́ òwú. Ẹ má sì ṣe rò pé òjò nìkan ni omi. Lóru, páànù a máa tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, ní àgbègbè tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà bíi tiwa, ìrì a sì máa sẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, a máa kán. Ìdí nìyí tí a kì í fi í ti òwú mọ́ páànù, tí ihò atẹ́gùn etí òrùlé fi gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì tí kò ní jẹ́ kí ẹyẹ àti eku wọlé. Àwọn ilé ìgbàlódé tí wọ́n fi ògiri gíga pa òrùlé mọ́ ló wà nínú ewu jù, nítorí òrùlé wọn kò ní etí rárá. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ya àwòrán ilé kó fi ihò atẹ́gùn sí ògiri náà.

Wáyà iná ni ìkẹta. Wáyà tí a bò mọ́ abẹ́ òwú kò lè tu ooru ara rẹ̀ jáde. Ẹ gbé e sókè òwú, ẹ sì jẹ́ kí àyè tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín òwú àti iná tí a rì sínú àjà. Fóòmù funfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí kì í ṣe ohun tó yẹ kí ènìyàn kó sórí ara rẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀, nítorí bí iná bá ṣẹ́ sí i, kò ṣeé sá fún.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀, kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òrùlé ló jẹ̀bi. Ẹ wá ẹ̀rọ ìwọn-ìgbóná tí a ń nà sí nǹkan, irú èyí tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń lò. Èyí tí wọ́n ń nà sí iwájú orí wa nígbà àrùn Kòrónà kò ní ṣe é, ìgbóná ara ènìyàn nìkan ló mọ̀. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, ẹ nà án sí àjà, kí ẹ sì nà án sí ògiri tó wà láàárín yàrá méjì. Bí àjà bá fi ju ìwọ̀n mẹ́rin lọ gbóná ju ògiri náà, òrùlé ni ọ̀daràn. Ẹ tún wò ó ní aago mẹ́wàá alẹ́. Páànù kì í pẹ́ tutù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Bí àjà bá ti tutù tí yàrá ṣì ń gbóná, ògiri ìwọ̀-oòrùn tàbí dẹ́kìn ló gba ooru pamọ́ lọ́sàn-án tó ń tú u jáde lóru. Òwú orí àjà kò lè wo ìyẹn sàn, ibòòji lára ògiri ni oògùn rẹ̀.

A wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ẹjọ́ náà. Ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde lórí bí ilé kò ṣe ní máa fi iná ṣòfò. Ìlànà náà sọ pé ohun tó ń dènà ooru ní òrùlé gbọ́dọ̀ tó òdiwọ̀n 1.25, òwú sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tí a fi ṣe ìṣirò lókè yìí ló sì bá òdiwọ̀n náà mu rẹ́gí. Kí ló wá dé tí kò fi sí lórí àjà wa? Ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti là á mọ́lẹ̀, nínú ẹjọ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ilé kíkọ́ nílẹ̀ wọn. Èkó jà fún àṣẹ yìí, Èkó sì borí. Ẹni tó bá gba àṣẹ gbọ́dọ̀ lò ó. Kí ni a rí gbà nínú ìṣẹ́gun náà bí àwòrán ilé bá lè gba òǹtẹ̀ ní Èkó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ohun tó wà láàárín páànù àti àjà?

Àwọn kan yóò sọ pé òfin yóò mú kí ilé wọ́n. Ẹ̀yin tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ti ń ná owó náà tẹ́lẹ̀. Ẹ ti ná an sórí 250 búlọ́ọ̀kù, sórí ìpele kejì Pí-ó-Pí, sórí ẹ̀rọ amúlétutù ńlá, sórí epo jẹnẹrétọ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé onílé kọ́ ló ń san owó iná, kí ló kàn án? Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni òfin ti wúlò, nítorí ayálégbé kò lè gun òrùlé ẹlòmíràn lọ tẹ́ òwú.

Kí ìjọba Èkó fi ìlà kan kún ohun tí wọ́n ń béèrè lórí àwòrán: kí ni ó wà lábẹ́ páànù, báwo ni ó sì ṣe nípọn tó? Kí ẹgbẹ́ àwọn onílé Thomas Estate má dúró de ìjọba, kí wọ́n fi í sínú ìlànà tí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra ilé tàbí yá a béèrè pé kí wọ́n ṣí ẹnu ihò àjà fún òun kí ó tó sanwó, kí ó sì yọjú wo òkè. Bí pákó, wáyà àti ẹ̀yìn páànù lásán bá ni ó rí, kó mọ̀ pé ẹrù ooru kan wà níbẹ̀ tí wọn kò kọ sínú owó ilé, òun ni yóò sì máa san án lóṣooṣù.